Ìdí Tí Oorun Fi Máa Ń Kun Àwọn Kan Lẹ́yìn Iyán àti Ẹ̀bà

Àwọn àgbà a máa sọ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá jẹ òkèlè yó lọ́sàn-án ni ó mọ̀ pé kì í pẹ́ kí ara tó wúwo, kí ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé. Fún ẹni tí ó jókòó sí ilé rẹ̀, kò sí ewu nínú èyí. Ṣùgbọ́n fún awakọ̀ tí ó fẹ́ gba ojú ọ̀nà márosẹ̀, tàbí ẹni tí ń fi ẹ̀rọ la pákó, oorun ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré lè di ọ̀ràn ikú.

Àlàyé tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ni ó kúrò nínú ọpọlọ lọ sí ikùn. Òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ìfun máa ń pọ̀ sí i lẹ́yìn oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ọkàn náà a túbọ̀ ṣiṣẹ́ láti tú ẹ̀jẹ̀ jáde, ara a sì máa dáàbò bo ìpín ti ọpọlọ. Nítorí náà, nínú ẹni tí ara rẹ̀ le, àìtó ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ kọ́ ni ó ń fa oorun náà. A ní láti wá ìdí rẹ̀ sí ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ awakọ̀ kan tí ó jí ní agogo 4 ìdájí, tí kò jẹun àárọ̀, tí ó sì dé ilé olóúnjẹ kan ní Ìbàdàn ní agogo 1 ọ̀sán. Ó jẹ òkèlè iyán méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó 250 gíráàmù. Nínú 100 gíráàmù iṣu sísè, nǹkan bí 27 gíráàmù ni ó jẹ́ èròjà afúnilókun. Èyí túmọ̀ sí pé nǹkan bí 135 gíráàmù èròjà yìí ni ó wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ara bá lọ̀ ọ́ tán, ṣúgà tí yóò ti inú rẹ̀ jáde yóò ju ọgbọ̀n horo ṣúgà onígun mẹ́rin lọ.

Kí ni ara ń ṣe sí i? Itọ́ ẹnu ni ó kọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ palẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í jẹ iyán lẹ́nu pẹ́, gbígbé mì ni a ń gbé e mì, nítorí náà inú ìfun kékeré ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà ti ń wáyé. Níbẹ̀ ni oúnjẹ ti ń di ṣúgà tí ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a sábà máa dé ibi tí ó ga jù lọ. Ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù a sì tú èròjà ínsúlíìnì jáde, èyí tí ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti wọ inú iṣan àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn. Nínú ẹni tí ara rẹ̀ le, ṣúgà náà a padà sí ipò rẹ̀ láàárín nǹkan bí wákàtí méjì sí mẹ́ta.

Ọpọlọ kò ṣàì mọ̀ sí gbogbo èyí. Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣàwárí èròjà kan tí wọ́n pè ní ọrẹ́síìnì, èyí tí ń jẹ́ kí ojú ènìyàn là. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe é kò pọ̀ nínú ọpọlọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kú, ẹni náà a di ẹni tí oorun òjijì ń gbé lọ lọ́sàn-án gangan. Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Mansẹ́sítà fi hàn nínú ọpọlọ eku pé bí ṣúgà bá ti pọ̀ sí i, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí a dákẹ́. Ní ọdún 2011, ìwádìí mìíràn lára eku fi hàn pé àwọn èròjà tí ń jáde láti inú ẹran, ẹja àti ẹ̀wà máa ń ta wọ́n jí. Ìwádìí lára eku kì í ṣe ẹ̀rí pátápátá nípa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a lóye ìdí tí iyán púpọ̀ pẹ̀lú ẹran díẹ̀ fi lè mú oorun wá.

Aago ara pẹ̀lú wà níbẹ̀. Láàárín agogo 1 sí 4 ọ̀sán, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rọ̀ díẹ̀, àní bí wọn kò tilẹ̀ jẹun. Awakọ̀ wa tí kò sùn tó lóru ti gbé gbèsè oorun wá sí ìdí tábìlì. Oúnjẹ náà kàn ṣí ilẹ̀kùn fún un ni. Ìdí nìyí tí ẹni méjì fi lè jẹ iyán kan náà, kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ lọ, kí èkejì sì máa tòògbé.

Ṣùgbọ́n oorun ẹ̀yìn oúnjẹ lè jẹ́ àmì àìsàn nígbà mìíràn. Bí ó bá ń bá òùngbẹ, ìtọ̀ púpọ̀ àti ara rírù rìn, ẹ lọ yẹ ṣúgà wò. Bí ṣúgà àárọ̀ kí ènìyàn tó jẹun bá tó 126 mílígíráàmù nínú dẹsilítà ẹ̀jẹ̀ kan, tí àyẹ̀wò kejì sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Fún àwọn àgbàlagbà, ìfúnpá lè já wálẹ̀ láàárín wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ ńlá. Òòyì tàbí ìṣubú nígbà tí wọ́n bá dìde ni ó sábà máa ń fi èyí hàn. Ẹni tí ń hanrun kíkankíkan, tí èémí rẹ̀ sì ń dúró lójú oorun, yóò máa tòògbé lọ́sàn-án láìka ohun tí ó jẹ sí. Dókítà ni ó yẹ kí ó rí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó yẹ kí awakọ̀ wa ṣe? Kí ó jẹun àárọ̀, kí ebi má baà lé e bá òkèlè méjì lọ́sàn-án. Kí ó jẹ òkèlè kan, kí ó sì fi ẹ̀fọ́ àti ẹja bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kan iyán, nítorí pé èyí máa ń dín bí ṣúgà ṣe ń yára gòkè kù. Kí ó rìn fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn oúnjẹ, kí iṣan lè lo lára ṣúgà náà, kí ó sì yẹra fún ọtí, tí í máa sọ oorun di méjì.

Bí oorun bá sì tún dé lójú ọ̀nà, fèrèsé ṣíṣí àti rédíò kò lè wò ó. Obì ní èròjà tí ń la ojú, ṣùgbọ́n ó máa ń tó nǹkan bí ìlàjì wákàtí kí ó tó ṣiṣẹ́, kò sì lè san gbèsè oorun. Kí ó wá ibi tí kò léwu dúró sí, kí ó sùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí ó bá jí, kí ó dúró díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó là dáadáa, kí ó tó tún fọwọ́ kan ọkọ̀.