Ibà Jẹ̀funjẹ̀fun: Apá Ìfun Wo Gan-an Ló Ń Jẹ?

Ní Ìwó Road níbí, ẹni tí ibà bá mú tó sì lọ ṣe àyẹ̀wò, "máléríà àti táífọ́ọ̀dù" ló sábà máa ń gbọ́. Táífọ́ọ̀dù yìí là ń pè ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun, orúkọ náà sì bá a mu, torí ó lè dá ihò sí ìfun èèyàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìfun kékeré gùn tó nǹkan bíi mítà 6. Apá wo ló ń jẹ? Kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó so mọ́ àpòlúkù, èyí tí à ń pè ní dùódínọ̀mù. Ìparí rẹ̀ ni, ílíọ̀mù, pàápàá nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà tó kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀ lórí síláìdì.

Ẹni tó bá ti fọ ìfun ẹran rí mọ̀ pé inú rẹ̀ kò dán, ó rí bí aṣọ àrán. Ohun tó mú un rí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìka tíntìntín tó nà sókè, tí gíga wọn kò ju mìlímítà 1 lọ. Fílì lorúkọ wọn ní kíláàsì. Kòtò wà láàárín ẹsẹ̀ àwọn ìka yìí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun. Sẹ́ẹ̀lì náà á máa gun ìka lọ, nígbà tó bá tó bí ọjọ́ 4 tàbí 5, á já bọ́ lórí ṣóńṣó. Ìyẹn ni pé awọ inú ìfun tẹ́ ẹ ní lónìí kọ́ lẹ ní lọ́sẹ̀ tó kọjá!

Lábẹ́ kòtò, ìlà iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà. Ẹ má fojú fo ìlà yìí o, torí abẹ́ rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ìpele tó rọ̀, sọ́búmukọ́sà, ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni iṣan ńlá méjì: ti inú yí ìfun po, ti ìta gbà á lóròó.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi ìka dá ibi tó jẹ́ mọ̀, torí ìwé sọ pé ti dùódínọ̀mù fẹ̀ bí ewé, ti ílíọ̀mù sì tín-ín-rín, ó kúrú. Èmi ò gbára lé e. Bí ọ̀bẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ gé e, ìka fífẹ̀ lè di tín-ín-rín. Bí wọn ò bá sì tètè ki ìfun bọ fọ́málìn, ṣóńṣó ìka á ti jẹrà kó tó dé abẹ́ màíkíròsíkóòpù.

Ẹ gbé síláìdì méjì tí wọn ò kọ nǹkan sí lára. Aró méjì ni wọ́n rẹ ẹ́: ọ̀kan mú kí kókó sẹ́ẹ̀lì dúdú bí ẹ̀lú, èkejì sọ ìyókù di pupa rẹ́súrẹ́sú. Lẹ́ńsì tó kéré jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò, kẹ́ ẹ sì wá ìlà iṣan yẹn. Ní síláìdì kìíní, ẹṣẹ́ tó funfun diẹ̀, tó ṣù jọ bí ìdì èso, kún abẹ́ ìlà náà. Ẹṣẹ́ Búrúnà nìyẹn, omi yíyọ̀ tó ń pa oró ásíìdì àpòlúkù ló ń tú jáde. Dùódínọ̀mù ni, torí ibẹ̀ ni ásíìdì kọ́kọ́ ń dà sí. Ní ti síláìdì kejì, kò sí ẹṣẹ́ lábẹ́ ìlà. Òkìtì roboto tó dúdú bí ẹ̀lú lẹ máa rí, tó tilẹ̀ ti ìlà iṣan já ní ibì kan, tí ìka orí rẹ̀ sì kúrú tàbí tí kò sí rárá. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ló kó jọ síbẹ̀. Abala Péyà nìyí, àmì ílíọ̀mù.

Abala Péyà yìí gan-an ni ilẹ̀kùn táífọ́ọ̀dù. Awọ orí rẹ̀ ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wọn ni láti máa gbé kòkòrò inú ìfun wọlé, kí àwọn ọmọ ogun ara lè mọ̀ ọ́n. Kòkòrò táífọ́ọ̀dù bá wọn wọlé, ó sì ń dàgbà sínú ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó pa á. Òkìtì náà á wú, á kú, á sì já sílẹ̀, egbò á kù. Bí egbò bá jìn dé ìta, ihò dé nìyẹn, ó sì sábà máa ń jẹ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta àìsàn. Ọgbẹ́ àpòlúkù náà lè lu dùódínọ̀mù, inú á sì le gbandi bákan náà. Bí wọ́n bá gé etí ihò ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, ẹṣẹ́ Búrúnà tàbí òkìtì Péyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sọ apá ìfun tó ti wá.

Ẹ ṣọ́ra síbẹ̀. Òkìtì kékeré kan ṣoṣo lè wà ní dùódínọ̀mù náà, nítorí náà ọ̀wọ́ òkìtì ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ ibi tí ìfun ti so mọ́ra ni Abala Péyà máa ń wà. Bí wọ́n bá gé ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ lè má rí i rárá. Nígbà náà, ẹ ka sẹ́ẹ̀lì tó rí bí ife, tó ń tú omi yíyọ̀: wọ́n máa ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ílíọ̀mù. Bí kò bá sì sí ẹṣẹ́ tàbí òkìtì, ó lè jẹ́ àárín ìfun, jẹ̀júnọ̀mù, lẹ gbé dání.