Ohùn Tó Bá Oníbàárà Mu

Ìbéèrè: Báwo ni ẹni tó ń ta èlùbọ́ ní Ìlemọ̀nà ṣe lè mọ ohun tó yẹ kó máa kọ sí oníbàárà lórí Wásáàpù?

Ìdáhùn: Ìwé ọjà oṣù mẹ́ta àti ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fi ránṣẹ́ ni olùtajà máa tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lórúkọ-lórúkọ. Ká ní àwọn tó ń ra kóńgò kan ló ń béèrè pé, "Ṣé kò ní yanrìn?", tí àwọn tó ń ra àpò sì ń béèrè ọjọ́ tó máa dé Ọ̀fà, oríṣi oníbàárà méjì nìyẹn. Fídíò ibi tí wọ́n ti ń sá iṣu, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ló yẹ ti àkọ́kọ́. Iye owó àti ọjọ́ ọkọ̀ ti tó fún ìkejì. Ẹni tó ń béèrè ṣáá tí kì í rà ló sábà máa ń da ìṣirò yìí rú, nítorí náà, ohun tí oníbàárà rà ló yẹ kó tẹ̀wọ̀n jù.