Ọwọ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Dì Mú, Kí Ẹ Tó Ṣí Dríìpù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ní Ìdànrè, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni mo mú, torí òun ni yóò kọ́kọ́ kàn yín. Èyí tó bá ju agbára wa lọ, Àkúrẹ́ là ń gbé e lọ, àmọ́ kí ọkọ̀ tó débẹ̀, ọwọ́ yín ni ẹ̀mí rẹ̀ wà.

Bí ìfúnpá bá ti já wálẹ̀, dríìpù ni ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ máa ń sáré ṣí. Omi yẹn yóò gba ẹnìkan là, ó gba ìṣọ́ra fún ẹnìkejì, ó sì lè pa ẹnìkẹta. Ọmọ oníkòkó ni púpọ̀ nínú yín, ẹ mọ ẹ̀rọ tí bàbá yín ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fín kòkó. Bí oògùn kò bá jáde dáadáa mọ́, ó lè jẹ́ pé inú àgbá ti gbẹ. Ó lè jẹ́ pé apá tí wọ́n fi ń fún un ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé rọ́bà rẹ̀ ti dẹ̀, ó ti ń jò. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sílẹ̀ ni ti àkọ́kọ́, ọkàn tó ti rẹ̀ ni ti èkejì, kòkòrò tó wọnú ẹ̀jẹ̀ tó sì mú kí iṣan dẹ̀ ni ti ẹ̀kẹta.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin mẹ́ta wà níwájú yín, tí nọ́ńbà òkè ìfúnpá gbogbo wọn jẹ́ 80. Ẹ má tíì fọwọ́ kan dríìpù. Ẹ di ọwọ́ wọn mú ná.

Ọwọ́ ti àkọ́kọ́ tutù, òógùn bò ó, iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń sáré, ó sì tín-ínrín lábẹ́ ìka. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 80/60. Iṣan ọrùn rẹ̀ ti pẹlẹbẹ, àyà rẹ̀ mọ́. Ẹ má wá funfun lójú aláwọ̀ dúdú. Àtẹ́lẹwọ́, ahọ́n àti inú ìpéǹpéjú ni kí ẹ wò. Ẹ tẹ èékánná rẹ̀ títí yóò fi funfun, kí ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá. Bí àwọ̀ kò bá padà kó tó pé mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa. Bí ó bá kun làálì, egungun àárín àyà ni kí ẹ tẹ̀.

Ohun tó máa ń tan yín jẹ níbí ni pé ara aboyún ti pèsè ẹ̀jẹ̀ tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó lè pàdánù ju lítà kan lọ kí ìfúnpá tó já. Iṣan ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí iṣan bá ń lù ní 110 tí nọ́ńbà òkè sì wà ní 100, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé pé ara rẹ̀ le. Ẹ ké sí ènìyàn, ẹ fọwọ́ ra ilé-ọmọ kó le, ẹ fún un ní ọsitósìn, kí ẹ sì fi gíráàmù kan tiranẹsámíìkì sínú iṣan díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí ìbímọ kò bá tíì ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ẹ fi kánúlà ńlá méjì sí i, aláwọ̀ eérú bí ó bá wà, kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ fún ìdánwò kí omi tó wọlé. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ da aṣọ bò ó. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fún un kí ẹ̀jẹ̀ tó dé, kí ẹ sì wò ó bóyá ibi ọmọ jáde tán àbí ó fàya níbì kan. Ojú kì í mọ iye ẹ̀jẹ̀ tí ìró àti tìmùtìmù ti mu. Ìwádìí E-MOTIVE, tí Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí wọ́n ti ṣe é, fi hàn ní 2023 pé fífi ọ̀rá onínọ́ńbà gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì ṣe gbogbo ìtọ́jú náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, dín ọṣẹ́ ńlá tí ẹ̀jẹ̀ dídà ń ṣe kù ní ìdá 60 nínú 100.

Obìnrin kejì bímọ lọ́jọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, iṣan ń ta ìka yín dànù, ìfúnpá sì jẹ́ 80/35. Ẹ rí i bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ṣe jìn sí tòkè: iṣan ti dẹ̀ nìyẹn. Ó ń mí ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ń sọ ìsọkúsọ, ohun tó ń dà lójú ara rẹ̀ ń rùn. Ara rẹ̀ lè gbóná, ó sì lè tutù ju 36 lọ. Èyí tó tutù ló burú jù. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kòkòrò bí ohun èlò bá wà, ṣùgbọ́n kí oògùn apakòkòrò wọnú iṣan kí wákàtí kan tó pé. Omi tọ́ sí i, díẹ̀díẹ̀ ni kó sì jẹ́: 500 mílílítà, kí ẹ tún ka mímí, kí ẹ tún gbọ́ àyà, kí ẹ tó so òmíràn kọ́. Ní Sáńbíà, ìwádìí tó jáde ní 2017 lórí àwọn àgbàlagbà irú èyí, tí ọ̀pọ̀ wọn ní kòkòrò éèdì, fi hàn pé 48 nínú 100 ló kú lára àwọn tí wọ́n fi ìlànà omi púpọ̀ tọ́jú, 33 péré sì ni nínú àwọn yòókù. Ẹ̀rọ amúnimí ṣọ̀wọ́n fún wọn, kò sì sí fún àwa náà. Bí ọwọ́ obìnrin kejì yìí bá wá tutù, ìpele ìkẹyìn ló ń wọ̀ yẹn, kì í ṣe pé ara rẹ̀ ń balẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí. Ó ti bímọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò da ẹ̀jẹ̀, kò ní ibà. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bíi ti àkọ́kọ́, ìfúnpá 80/65, iṣan ń sáré. Bí ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹ ó so dríìpù kọ́ fún un. Ẹ gbójú sókè wo ọrùn rẹ̀: iṣan yọ gannagànna níbi tó jókòó sí. Ẹ gbọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohun tó ń ta pàrà-pàrà bí ó bá ń mí sínú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ẹ bi ìyá rẹ̀ bí ó ṣe ń sùn, yóò ní ìjókòó ni, pé bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, èémí ń há a. Àìsàn ọkàn tó ń bá ìbímọ rìn nìyẹn. Láti oṣù tó kẹ́yìn oyún títí di oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbí ló máa ń yọjú. Àríwá ló ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà, àmọ́ kò yọ ilẹ̀ wa sílẹ̀, àwọn ará ilé sì máa ń rò pé àárẹ̀ ìbímọ lásán ni.

Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ẹ gbé e jókòó, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, kí ẹ fún un ní ọ́síjìn. Ẹ fi kánúlà kan sí i kí ọ̀nà lè wà, ṣùgbọ́n kí ẹ dá omi dúró. Ẹ̀rọ tí a ń fi sí ìka lè má mú nọ́ńbà wá nítorí ọwọ́ tó tutù. Ẹ gbé e sí etí kí ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́. Oògùn tó ń fa omi jáde kò ṣe é sáré fún un nígbà tí ìfúnpá wà nílẹ̀. Àṣẹ dókítà ni kí ẹ dúró dè, òun náà ni yóò sọ bóyá dobutamíìnì yóò ran ọkàn náà lọ́wọ́. Bí ibi tí ẹ wà kò bá ní i, ẹ tètè pe ọkọ̀, nítorí ọkàn yìí kò ní ohun tí ẹ lè fi omi tún ṣe.

Bí ẹ bá ń kọ ìwé tí yóò bá a lọ sí Àkúrẹ́, ẹ má kọ ṣọ́ọ̀kì nìkan. Ẹ kọ bí ọwọ́ ti rí, bí ọrùn ti rí, ohun tí ẹ gbọ́ láyà, nọ́ńbà méjèèjì ìfúnpá, ìtọ̀ tó jáde láàárín wákàtí (tó bá dín ní 30 mílílítà, ẹ fi ìlà sí i nídìí), àti iye omi tó ti wọ ara rẹ̀ pẹ̀lú aago tí ó wọlé. Ẹni tí yóò gbà á níbẹ̀ kò rí i nígbà tí ẹ rí i.