Ẹlẹ́rìí ni Secure Boot, kì í ṣe onídùúró

Wọ́n máa ń kọ ọ́ pé, ‘Secure Boot ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà.’ Gírámà rẹ̀ gún, àmọ́ ìlérí inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nínú èdè wa, ẹni tó jẹ́rìí sí ìwé yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe onídùúró. Ẹlẹ́rìí á ní òun mọ ẹni tó fọwọ́ sí i; onídùúró ni wọ́n máa mú bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́. ‘Jẹ́rìí’ ló bá Secure Boot mu.

Ẹ jẹ́ ká wo kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lo Ubuntu. Tí a bá tàn án, fáàmùwíà, ètò tí wọ́n ti kọ sínú bọ́ọ̀dù rẹ̀ kó tó dé ọjà, ló kọ́kọ́ jí. Ó máa wá `shimx64.efi` lórí dísìkì, á ṣírò iye kan láti inú fáìlì náà, iye tó máa yàtọ̀ pátápátá bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí, á sì fi wé èyí tó wà nínú òǹtẹ̀ tí Máíkírósọ́ọ̀fù lù ú. Inú àkójọ `db` ni kọ́kọ́rọ́ tó fi ń dá òǹtẹ̀ náà mọ̀ wà. `dbx` ni àkójọ àwọn tí wọ́n ti fòfin dè. Bí kò bá sí wàhálà, `shim` á gbaṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ Kánónikà, ilé-iṣẹ́ tó ni Ubuntu, wà nínú tirẹ̀; òun ló fi ń yẹ òǹtẹ̀ `grubx64.efi` wò, lẹ́yìn náà ti kánẹ́ẹ̀lì, `vmlinuz`. Bí òǹtẹ̀ ètò tí `shim` fẹ́ gbé dìde kò bá bára mu, ohun tí ẹ máa rí lójú ẹ̀rọ nìyí:

```
Verification failed: (0x1A) Security Violation
```

Ẹ kíyè sí i: ‘yẹ òǹtẹ̀ wò’ ni mo kọ, n kò kọ ‘tú fáìlì wò’. Kò sẹ́ni tó bi ètò náà pé kí ló fẹ́ ṣe. Ní 2020, èyí hàn kedere. Òǹtẹ̀ GRUB pé, àmọ́ `grub.cfg`, fáìlì tó ti ń ka ìlànà, kò lóǹtẹ̀ kankan, torí oníkálùkù ló ń tún tirẹ̀ ṣe. Àwọn olùwádìí rí i pé bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá gùn ju ààyè tí GRUB pèsè sílẹ̀ lọ, á ṣàn kọjá ààlà, ẹni tó bá sì ti gba àṣẹ alákòóso lórí ẹ̀rọ náà lè gba ibẹ̀ ti ètò tirẹ̀ wọlé kí kánẹ́ẹ̀lì tó jí. BootHole ni wọ́n pè é. Ẹlẹ́rìí kò purọ́ o: GRUB tí wọ́n lù lóǹtẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀. Kíkó àwọn GRUB àtijọ́ sínú `dbx` náà gba sùúrù, torí ẹ̀rọ tí kò bá tíì gba tuntun kò ní í dìde mọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá tẹ `mokutil --sb-state`, tó dáhùn pé `SecureBoot enabled`, ẹ lè kọ ọ́ pé ‘ẹ̀rọ náà ń yẹ òǹtẹ̀ wò’. Ẹ má kọ ọ́ pé ‘kò sí kòkòrò níbẹ̀’. Ní ti `initrd.img`, tí kánẹ́ẹ̀lì máa ń kọ́kọ́ lò kó tó ráyè dé dísìkì, orí kọ̀ǹpútà yín gan-an ni Ubuntu ti ń kó o jọ, láìlóǹtẹ̀. Fún òun, ‘jẹ́rìí’ pàápàá ti pọ̀ jù.