Oòrùn La Porte, aago Èkó: ibo ni wákàtí méje ti wá?

Tí mo bá fẹ́ pe ìyá mi l'Ékòó láti La Porte níbí, lẹ́bàá Houston, mo máa ń kọ́kọ́ ṣírò. Nínú Oṣù Kínní, tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù níbí, aago mẹ́rin ìdájí ti lù lọ́hùn-ún. Ta ló fẹ́ kí fóònù jí òun nírú àsìkò yẹn?

Ayé ń yí láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ìdí nìyẹn tí Èkó fi ń rí oòrùn ṣáájú wa. Odindi ìyípo kan jẹ́ digirí 360, láàárín wákàtí 24. Ẹ fi 24 pín 360, ẹ máa rí 15. Wákàtí kan jẹ́ digirí 15, digirí kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka digirí. Èkó wà ní nǹkan bíi 3.4 sí ìlà-oòrùn rẹ̀, La Porte wà ní 95 sí ìwọ̀-oòrùn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 98.4. Tí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ó di wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 34. Ohun tí oòrùn sọ nìyẹn. Ta wá ló fi ìṣẹ́jú 26 kún un?

Àwa èèyàn ni. Tí ìlú kọ̀ọ̀kan bá ń tẹ̀lé oòrùn tirẹ̀, aago Ìbàdàn á fi ìṣẹ́jú méjì ṣáájú ti Èkó. Ẹ wá fi ìyẹn ṣètò ọkọ̀ ojú irin! Wàhálà yìí ló mú kí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Amẹ́ríkà pín ilẹ̀ wọn sí ẹkùn àkókò ní November 18, 1883. Aago ẹkùn tiwa ń tẹ̀lé oòrùn digirí 90. La Porte sì fi digirí márùn-ún jìnnà sí i lápá ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà aago wa fi 20 ìṣẹ́jú ṣáájú oòrùn wa.

Ti Èkó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn Èkó kò ju ìṣẹ́jú 14 ṣáájú Greenwich, ṣùgbọ́n láti 1919 ni aago ibẹ̀ ti ń fi odindi wákàtí kan ṣáájú. Aago Èkó wá fi ìṣẹ́jú 46 ṣáájú oòrùn rẹ̀. Ẹ yọ 20 kúrò nínú 46: ìṣẹ́jú 26 wa rèé, wákàtí méje sì pé.

Àmọ́ láti Sunday kejì nínú Oṣù Kẹta títí di Sunday àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kọkànlá, Texas á ti aago síwájú, Nàìjíríà kò ní tì í. Ó di wákàtí mẹ́fà. Nítorí náà, tí ẹ bá ń ṣètò ìpàdé ẹbí sórí kọ̀ǹpútà, ẹ má kọ "méje" síbẹ̀, orúkọ ẹkùn ni kí ẹ lò. Houston ò ní orúkọ tirẹ̀, ti Chicago ló ń lò:

```
TZ=America/Chicago date
TZ=Africa/Lagos date
```