Ẹ̀KỌ́: ẸNI TÍ IṢẸ́ ẸLÒMÍRÀN KÒ TẸ́ LỌ́RÙN

Kíkà: Nehemáyà 3, 6:15

Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, olùṣe tùràrí àti oníṣòwò wà lára àwọn tó tún odi Jerúsálẹ́mù mọ (3:8, 32). Mímọ odi kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn, síbẹ̀ ọjọ́ 52 ni odi náà fi parí, nítorí olúkúlùkù mọ apá tirẹ̀.

Ká sọ pé ẹni mẹ́rin ń ṣe ìṣirò owó Ìkórè. Ọ̀kan nínú wọn, akọ̀wé ọ́fíìsì, ti dá ìwé padà lẹ́ẹ̀mẹta: ìlà kò gún, àkọlé kò wù ú, ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn yòókù kò dára. Ìjọ sì ń bèèrè ìṣirò.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ báyìí, ẹ jọ kọ ohun tí yóò fi hàn pé ó parí: kí owó bá rìsíìtì mu, kí orúkọ pé, kí ó délẹ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi kejì. Ẹ fi yíyẹ owó wò lé arákùnrin náà lọ́wọ́, nítorí ojú rẹ̀ mú. Kí ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, kí ó kọ àṣìṣe àti àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀. Bí àṣìṣe náà bá kan owó tàbí orúkọ, ẹ dúró, ẹ tún un ṣe, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá kàn án, ó di ti Ìkórè tó ń bọ̀.

Bí ó bá bú ẹnìkan ní gbangba, kí ẹni náà lọ bá a ní òun nìkan (Mátíù 18:15): “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ibi tí mo ti ṣì í, ẹ má sọ irú ẹni tí mo jẹ́.”

Ìbéèrè: Nínú ohun tí o bá wí sí iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ yìí, èwo ni àṣìṣe, èwo ni ìfẹ́ inú rẹ lásán?