Ilé Là Ń Wò Ká Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ìmọ̀ràn fún Olórin Tó Fẹ́ Kéde Orin Tuntun

Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ Ìgàndó tó bá fẹ́ kéde orin tuntun ní láti kọ́kọ́ wo ilé tó ń kéde rẹ̀ sí. Àwọn tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléèwé, àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará àdúgbò àti àwọn oníbàárà ìyá rẹ̀. Orí WhatsApp ni ìkéde náà máa bá púpọ̀ nínú wọn, bóyá nínú dánfó láàárín Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù, lórí fóònù tí dátà rẹ̀ kò tó nǹkan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí o kọ ọ́ fún.

Ìkéde tí a sábà máa ń rí kì í wò ó bẹ́ẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́ sí Ọlọ́run, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lu ìlù, ẹni tó ya fọ́tò àti ọ̀gá tó fún un lówó, yóò ní orin náà á gbóná ju iná lọ, yóò sì wá fi líǹkì sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn lórí WhatsApp, ẹ̀rọ á ká ìyókù rẹ̀ pamọ́, àyàfi kí ẹni tó ń kà á tẹ "Read more". Líǹkì tó wà lábẹ́ ibẹ̀ ò yàtọ̀ sí èyí tí a kò fi ránṣẹ́. Ọpẹ́ dára, kò sì yẹ kí a gbàgbé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìkéde mìíràn lọ́jọ́ kejì lè gbé e.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òwe yìí ni kí olórin fi kọ ìtàn orin rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní orin náà dá lórí ìyá olórin tó ń ta ata ní ọjà Ìkòtún. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kó sọ pé ìyá òun jìyà, pé òun náà jìyà, pé òun kò jẹ́ kó sú òun. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún olórin ló ti sọ ọ́, kò sì sí ohun tó so ó mọ́ orin yìí gan-an. Kó wá ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ tí etí lè gbọ́ nínú orin náà. Ó lè kọ ọ́ báyìí:

"Ìyá mi ń ta ata l'Ọ́jà Ìkòtún. Tó bá ń palẹ̀ mọ́ lálẹ́, ó máa ń rọra kọ orin kan tí mi ò mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Ohùn orin yẹn ni mo fi ṣe ègbè orin tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde. Ibi tí ìlù bá ti dákẹ́ lẹ́yìn ẹsẹ̀ kejì, ẹ fetí sí i dáadáa: ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ níbẹ̀."

Kẹ́ni tó kà á máa lọ wá ibi tí ìlù ti dákẹ́ ni iṣẹ́ tí ìtàn náà ń ṣe, torí pé títí ó fi máa dé ibẹ̀, ó ti gbọ́ ju ìlàjì orin lọ. Lórí Spotify, ẹni tí kò bá gbọ́ orin dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kò sí nínú iye tí wọ́n ń kà. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìtàn rẹ gún, yọ orúkọ orin náà kúrò, kí o fi ti orin mìíràn sí i. Bó bá ṣì bá a mu, kò tíì jẹ́ ìtàn orin tìrẹ. Kó tó jáde, ka ìtàn náà fún ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bí ìyá bá ní òun kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ ọjà òun, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Adekunle Gold ṣe irú rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ní àkókò tí orin rẹ̀ 5 Star jáde. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ òun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń gbọ́ bó ṣe ń yangàn nínú orin náà mọ ibi tí ayọ̀ yẹn ti ń bọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nítorí pé òótọ́ tó wúwo ni, ó sì sọ ọ́ láìtọrọ àánú.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí o bá fi líǹkì Spotify nìkan ránṣẹ́, ẹni tó ń lo Audiomack tàbí Boomplay á kàn wò ó ni. Ilé-iṣẹ́ tó bá ọ gbé orin lọ sórí ẹ̀rọ lè fún ọ ní líǹkì kan tó ń ṣí ojú ìwé tí gbogbo ilé orin wà, bí HyperFollow ti DistroKid. Èyí ni kí o lò. Ní Alímọ̀ṣọ́, èmi á tún kọ líǹkì Audiomack sábẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní owó oṣù láti san lè gba orin náà sílẹ̀ níbẹ̀ kó sì gbọ́ ọ láìsí dátà. Gbé líǹkì sí òkè, lẹ́yìn gbólóhùn àkọ́kọ́. Má tẹ̀ ẹ́ sínú fọ́tò: kò sẹ́ni tó lè fi ìka tẹ lẹ́tà tó wà nínú àwòrán kó ṣí. Lábẹ́ fọ́tò Instagram pẹ̀lú, líǹkì kì í ṣí; inú "bio" tàbí orí Story ni kó wà.

Tètè bẹ̀rẹ̀. Fi orin ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń bá ọ gbé e lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú, nítorí Spotify fẹ́ kí olórin fi orin tó ń bọ̀ hàn wọ́n, ó kéré tán ní ọjọ́ méje ṣáájú, kó lè dájú pé yóò dé inú Release Radar àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àlàyé níbẹ̀ kò ju lẹ́tà 500 lọ, nítorí náà ìtàn kúkúrú tí o kọ fún àwọn ará ilé á wúlò níbẹ̀ náà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí orin jáde, má kéde kí o tó yẹ líǹkì wò lórí fóònù ẹlòmíràn, kì í ṣe tìrẹ tí o ti wọlé sí tẹ́lẹ̀. Tẹ orin náà kó kọ, lẹ́yìn náà kí o tẹ orúkọ rẹ lábẹ́ rẹ̀. Bí orúkọ rẹ bá wọ́pọ̀, o lè bá orin rẹ nínú ilé ẹlòmíràn tí ẹ jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, láàárín àwọn orin tí o kò kọ rí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, dá ìkéde dúró, kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó bá ọ gbé e lọ, kí o fi líǹkì ojú ìwé tìrẹ gan-an ránṣẹ́ sí wọn. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀. Ìyá rẹ àti àwọn oníbàárà rẹ̀ á ṣì wà ní Ìkòtún nígbà tí wọ́n bá tún un ṣe.